Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí Ń Fi Wá Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Wọn àti Ohun Tí Ìṣírò Náà Ń Wí



Ní ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún, ìbéèrè kan wà tí kì í ṣàì jẹ yọ nígbà tí a bá ti ka ìròyìn ìnáwó tán. Ẹnìkan á dìde láti ẹ̀yìn, á ní: "Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ojú tuntun ni a ń rí ní ṣọ́ọ̀bù wa nígbà gbogbo? Ẹni tí ó tajà fún wa lóṣù tó kọjá kọ́ ni a ń bá lóṣù yìí." Alága á wo akọ̀wé, akọ̀wé á wo alákòóso, alákòóso á ní ayé ti le, àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò fẹ́ jókòó síbì kan. Àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú ẹ̀kọ́ ti ìdá ọdún yìí, a fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè náà ní ìdáhùn, àti pé inú ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ àti ìwé owó oṣù tí ó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni ìdáhùn náà wà.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni a ó mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A fi ọwọ́ ara wa to àwọn iye inú rẹ̀ kí ó lè rọrùn láti tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó nínú kọmitì rí yóò mọ irú ẹgbẹ́ tí a ń wí. Ẹgbẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ra oúnjẹ àti ohun èlò ilé, ó ní ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń fún epo pupa, ó sì ní ọ́fíìsì tí àwọn akọ̀wé àti awakọ̀ wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, òṣìṣẹ́ 40 ni ó wà nínú ìwé owó oṣù. Láàárín ọdún, 14 kúrò, wọ́n sì gba 10 tuntun. Nígbà tí ọdún parí, ó ku 36.

Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ènìyàn ni láti sọ pé ènìyàn mẹ́rin péré ni ó dín. Bí kọmitì ṣe sọ ọ́ fún ìpàdé nìyẹn, irọ́ kọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n iye tí ó dín kì í ṣe iye tí ó kúrò. Bí ẹnìkan bá da omi sí àmù tí ó ń jò, tí ó sì ń pọn omi kún un bí ó ti ń jò, àmù náà lè máa kún títí láé. Ẹni tí ń lọ sí odò nìkan ni ó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí ó kúrò ni a ó kà, àwọn 14 yẹn, a ó sì fi wọ́n wé iye òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ní. Ènìyàn 14 tí ó kúrò níbi tí ènìyàn 300 ti ń ṣiṣẹ́ kò jọ ènìyàn 14 tí ó kúrò níbi tí kò tó 40.

Ṣùgbọ́n iye wo ni kí a fi wé? Bí a bá lo 40 ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, a gbàgbé pé iṣẹ́ ti dín kù. Bí a bá lo 36 ti òpin ọdún, a tún ṣẹ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpíndọ́gba ni à ń lò: a ó ro 40 pọ̀ mọ́ 36, yóò jẹ́ 76, a ó sì pín in sí méjì, yóò jẹ́ 38. Lẹ́yìn náà a ó fi 38 pín àwọn 14 tí ó kúrò, a ó sì sọ ọ́ di iye nínú ọgọ́rùn-ún:

14 ÷ 38 × 100 = 36.8

Èyí ni pé nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, bí 37 ni ó kúrò láàárín ọdún kan. Gbogbo ìṣírò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹfà lè ṣe é. Ibi tí ìṣòro wà ni ẹni tí a ó kà àti ẹni tí a kò ní kà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọmitì ti ń ṣìnà láìmọ̀.

Èkíní, àwọn alágbàṣe ọjọ́. Nígbà tí ẹyìn bá pọ̀, ilé ẹ̀rọ lè gba ènìyàn 10 sí i fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa lọ nígbà tí ẹyìn bá tán. Àwọn wọ̀nyí kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí a bá wọn dá ni ó parí. Bí a bá kà wọ́n mọ́ àwọn tí ó kúrò, a ó dá ìbẹ̀rù tí kò nídìí sílẹ̀. Bí a bá sì yọ wọ́n kúrò lára àwọn tí ó lọ ṣùgbọ́n tí a fi wọ́n sílẹ̀ nínú iye òṣìṣẹ́ tí a fi ń pín, ìṣírò yóò rẹwà ju bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí a yọ wọ́n kúrò lókè àti nísàlẹ̀. Èkejì, ẹni tí a gbé láti ṣọ́ọ̀bù lọ sí ọ́fíìsì kò kúrò nínú ẹgbẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù pàdánù rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí kò kọ ìwé kankan, tí a kàn rí i pé kò wá mọ́. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ni kì í yọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ rárá nítorí pé oṣù rẹ̀ kìíní kò pé kí ó tó lọ. Irú àwọn yìí gan-an ni ó yẹ kí a kà jù lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ó ti rí i níwájú. Ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ni kí a kọ sílẹ̀ pé ó lọ.

Bí iye òṣìṣẹ́ yín bá ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ gidigidi láàárín ọdún, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan kò tó láti mú ìpíndọ́gba jáde. Ẹ ka iye tí ó wà nínú ìwé owó oṣù ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ ro méjèèjìlá pọ̀, kí ẹ sì pín in sí 12. Ẹ má sì ṣe mú oṣù mẹ́ta kan kí ẹ wá sọ ọ́ di mẹ́rin láti mọ ti ọdún. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbà tí wọ́n bá ti san owó ọdún tán ni àwọn tí ó ti pinnu láti lọ ń lọ. Ẹni tí ó bá fi oṣù kìíní sí ìkẹta ṣírò ọdún yóò rò pé ẹgbẹ́ ń tú ká.

Nísinsìnyí, a ní 37 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́. Ṣé ó pọ̀ ni tàbí kò pọ̀? A fẹ́ kí ẹ má tètè dáhùn. Iye kan ṣoṣo báyìí dà bí ìgbà tí olóyè ìlera bá sọ fún wa pé ara aláìsàn gbóná: a mọ̀ pé nǹkan ṣe é, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá ibà ni tàbí egbò ni. A ní láti tú u palẹ̀.

Ìtúpalẹ̀ àkọ́kọ́ ni ti ìdí tí ènìyàn fi lọ. Nínú àwọn 14 náà, méjì fẹ̀yìn tì, ọ̀kan kú, kí Ọlọ́run fún un ní ìsinmi, ọ̀kan sì wà tí kọmitì yọ níṣẹ́ nítorí owó tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́wàá tí ó kù ni ó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Mẹ́wàá nínú 38 jẹ́ 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni iye tí ó yẹ kí kọmitì máa wò, nítorí pé kò sí owó oṣù tàbí ọ̀rọ̀ dídùn tí ó lè dá ẹni tí ó pé ọgọ́ta ọdún dúró. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú sílẹ̀ o. Àwọn kan wà tí ìwé wọn sọ pé wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé a sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ìwé kí a má baà lé wọn. Akọ̀wé mọ̀ wọ́n. Kí ó kà wọ́n síbi tí ó yẹ.

Ìtúpalẹ̀ kejì ni ti ẹ̀ka iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ilé ẹ̀rọ ní òṣìṣẹ́ 16 ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní 16 ní òpin, ẹnìkan ṣoṣo ni ó sì lọ fúnra rẹ̀. Ọ́fíìsì àti àwọn awakọ̀ jẹ́ 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ àti 10 ní òpin. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹnìkan ṣoṣo ni ó lọ fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 12 ní ìbẹ̀rẹ̀ àti 10 ní òpin, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 11, ènìyàn mẹ́jọ ni ó sì fúnra rẹ̀ jáde níbẹ̀:

8 ÷ 11 × 100 = 72.7

Nígbà tí a ń wí pé òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ń lọ, ṣọ́ọ̀bù ni à ń sọ láìmọ̀. Òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ kò lọ síbì kankan. Àlàyé alákòóso pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò fẹ́ jókòó síbì kan ti yẹ̀ nìyẹn, nítorí ọ̀dọ́ wà ní ilé ẹ̀rọ pẹ̀lú.

Kọmitì ẹgbẹ́ náà dé ibi yìí, wọ́n sì fẹ́ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ṣe. Wọ́n fẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún owó oṣù gbogbo òǹtajà. Ó jọ pé ó mọ́gbọ́n wá. Ẹni tí ń lọ, owó ni ó ń wá. Akápò ni ó ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n fi ojú kan sí i wò ó.

Ojú kejì náà ni pé kí a béèrè lọ́wọ́ ìwé pé: nínú àwọn tí a ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, mélòó ni ó ṣì wà ní òpin? Ìbéèrè yìí yàtọ̀ sí ti ìṣáájú. Àwọn òǹtajà 12 ni ó wà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Mẹ́ta nínú wọn lọ: ẹni tí a yọ níṣẹ́, àti méjì tí ó fẹ́ lọ. Mẹ́sàn-án ṣì wà. Mẹ́sàn-án nínú 12 jẹ́ 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Báwo ni ó ṣe jẹ́ tí ó fi jẹ́ pé 73 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ, síbẹ̀ 75 nínú ọgọ́rùn-ún dúró? Ṣé ìṣírò ti ta ko ara rẹ̀ ni?

Rárá o. Ìjókòó mẹ́ta péré ni ó ṣófo ní ṣọ́ọ̀bù náà ní gbogbo ọdún. Láti dí ìjókòó mẹ́ta yẹn, ènìyàn méje ni wọ́n gbà, mẹ́fà nínú àwọn méje sì tún lọ. Ẹnìkan wá, ó lọ. Wọ́n fi ẹlòmíràn dípò, òun náà lọ. Àwọn àgbà òǹtajà kò mira. Ojú tuntun tí ọmọ ẹgbẹ́ wa ń rí níwájú kántà, ìjókòó mẹ́ta kan náà ni ó ń jáde wá. Bí a bá ka oṣù tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò kí ó tó lọ, márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà náà kò lo oṣù mẹ́ta, ẹnìkan lo oṣù márùn-ún.

A ò rò pé ó yẹ kí kọmitì kankan ná kọ́bọ̀ kan lórí ọ̀ràn yìí kí ó tó ṣe ìṣírò méjì yìí pa pọ̀. Èkíní ń sọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe ń yí sí. Èkejì ń sọ ẹni tí ń gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń lọ, tí àwọn àgbà pẹ̀lú sì ń lọ, àìsàn náà wà nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nínú owó, tàbí nínú ẹni tí ń ṣàkóso. Níbi tí àwọn àgbà bá dúró tí àwọn tuntun sì ń sá, ọ̀nà tí a fi ń gba ènìyàn wọlé àti bí a ṣe ń ṣe sí i ní oṣù àkọ́kọ́ ni kí a lọ yẹ̀ wò. Owó oṣù kan náà ni àgbà òǹtajà ń gbà pẹ̀lú ẹni tuntun ní ẹgbẹ́ yìí, kò sì lé àgbà jáde.

Ó kàn wá láti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó lọ. Ìwé tí wọ́n kọ kò wúlò púpọ̀. Gbogbo wọn ni ó kọ ọ́ pé "nítorí ọ̀ràn ara mi", nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ bá ọ̀gá rẹ̀ jà ní ọjọ́ tí ó ń gba owó ìkẹyìn. Akápò, tí kì í ṣe ọ̀gá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n rán. Ó dúró fún bí oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, ó wá mẹ́rin rí nínú wọn, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: "Ọjọ́ wo ni o kọ́kọ́ rò pé o máa lọ, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Ìbéèrè tí ó dára ni. Bí a bá bi ènìyàn pé kí ló dé tí ó fi lọ, yóò rò ó, yóò sì sọ èyí tí ó dùn ún gbọ́. Bí a bá bi í ní ọjọ́, ìtàn ni yóò sọ.

Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin sọ ìtàn kan náà. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ka ọjà. Bí ọjà bá dín, wọn á pín owó rẹ̀ sórí gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kà á, wọn á sì yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tíì lò. Wọ́n ní mílíìkì páálí méjì kò sí. Èmi ò mọ̀ bí páálí náà ṣe rí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ nínú owó mi àkọ́kọ́." Àwọn àgbà ní tiwọn ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti ń bá ara wọn ṣọ́ ọjà, wọ́n mọ selífù tí nǹkan ti ń sọnù, wọ́n sì mọ̀ pé èyí tí ó bá dín lóṣù yìí lè má dín lóṣù mìíràn. Ẹni tuntun kò mọ nǹkankan. Ohun tí ó rí ni pé wọ́n fi gbèsè kí i káàbọ̀. Ẹni kẹrin ní tirẹ̀ sọ pé agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sọ fún òun pé iṣẹ́ ń parí, kí òun tó wá rí i pé agogo méje àbọ̀ ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn, òun sì ní ọmọ kékeré nílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi owó wo ọ̀nà méjèèjì. Owó oṣù òǹtajà kan ní ẹgbẹ́ náà jẹ́ ₦75,000. Àfikún ìdá kan nínú mẹ́wàá jẹ́ ₦7,500 lóṣù. Fún òǹtajà 10 fún oṣù 12, ó jẹ́ ₦900,000 lọ́dún, ọdọọdún ni, kò sì ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ni ẹgbẹ́ ń pàdánù lórí ẹnìkan tí ó wá tí ó sì lọ? Akápò kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: ₦15,000 fún ìkéde àti owó ọkọ̀ àwọn tí a pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ₦20,000 fún yunifọ́ọ̀mù méjì, tí ẹni tí ó lọ kì í sábà dá padà, àti ìdajì àkókò àgbà òǹtajà kan fún oṣù kan tí ó fi ń kọ́ ọ níṣẹ́, èyí tí ó jẹ́ ₦37,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦72,500. Fún àwọn mẹ́fà, ó jẹ́ ₦435,000. Kò ka ọjà tí a kò tà nígbà tí ìjókòó ṣófo mọ́ ọn, tàbí àṣìṣe tí ẹni tuntun ṣe nídìí ìṣírò owó, nítorí kò ní ìwé tí ó lè fi mú wọn dájú. A fara mọ́ ọn. Ó sàn kí iye kéré kí ó sì ṣeé fi hàn ju kí a fẹ̀ ẹ́ títí ìpàdé kò fi ní gbà á gbọ́ mọ́.

Nítorí náà, bí àfikún owó bá tilẹ̀ dá gbogbo àwọn mẹ́fà dúró, ẹgbẹ́ yóò ná ₦900,000 láti gba ₦435,000 là. Kò sì sí ìdí láti rò pé yóò dá wọn dúró, nítorí ₦7,500 kò ní dá owó mílíìkì padà, kò sì ní ti ìlẹ̀kùn ní agogo márùn-ún. A kò sọ pé kí a má fi owó kún owó òṣìṣẹ́. Ó lè tọ́ sí wọn nítorí bí ọjà ti wọ́n sí i. Ṣùgbọ́n kí a dá a lórúkọ tirẹ̀, kí a má ṣe tà á fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí oògùn fún àìsàn tí kò lè wò.

Ohun tí wọ́n pinnu láti ṣe kò pọ̀. Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá wọlé, wọn yóò ka àwọn ọjà tí ó wà ní apá selífù tí ó máa ṣọ́, òun àti àgbà kan yóò sì fọwọ́ sí i. Ọjà tí ó bá dín ṣáájú ọjọ́ náà kò kàn án. Àgbà kan pàtó yóò máa mójú tó o fún oṣù mẹ́ta, ẹgbẹ́ yóò sì fi ₦10,000 kún owó àgbà náà lóṣù kọ̀ọ̀kan. Kíka ọjà yẹn yóò gba ènìyàn méjì ní ìrọ̀lẹ́ kan, bí ₦10,000. Fún ẹni tuntun kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦40,000; fún ìjókòó mẹ́ta, ₦120,000. Ti agogo méje àbọ̀ kò ná wọn ní nǹkankan: wọn yóò sọ òtítọ́ fún ẹni tí ń wá iṣẹ́ kí ó tó gbà á. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn kò ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ̀ níjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò tíì gba yunifọ́ọ̀mù.

Àwọn kan nínú yín yóò rántí ìtàn Hẹ́nrì Fọ́ọ̀dù tí ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ ó sì bi wá pé ṣé kì í ṣe owó ni ó fi dá àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ dúró. Ìtàn náà yẹ ní sísọ dáadáa, nítorí ìdajì rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sọ. Ní ọdún 1913, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Háílańdì Páàkì lẹ́bàá Dítírọ́ìtì ní òṣìṣẹ́ bí 14,000, ṣùgbọ́n kí iye náà má baà dín, ó ní láti gba ènìyàn tí ó lé ní 50,000 síṣẹ́ láàárín ọdún kan náà. Ìwọ̀n àwọn tí ó ń lọ jẹ́ 370 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìṣírò yìí kò lè kọjá ọgọ́rùn-ún. Bí ìjókòó kan bá ṣófo nígbà mẹ́rin lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ó kà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lọ ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọn kàn ṣíwọ́ wíwá ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 1914, Fọ́ọ̀dù kéde dọ́là márùn-ún lóòjọ́ fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, dípò dọ́là méjì ó lé díẹ̀ fún wákàtí mẹ́sàn-án. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1915, 370 náà ti di 16. Ìdajì tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Ìdajì kejì ni pé ó ti rán Jọ́ọ̀nù Lìì, ọ̀kan nínú àwọn alákòóso rẹ̀, láti wádìí ìdí tí wọ́n fi ń lọ kí ó tó kéde owó yẹn. Ní ìparí ọdún 1913, wọ́n ti gba agbára lílé ènìyàn níṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kéékèèké, wọ́n ti to owó iṣẹ́ sí ìpele tí ó hàn sí gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ìyáwó sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́, irú èyí tí àwa náà ń ṣe. Ẹni tí kò bá sì tíì lo oṣù mẹ́fà kò lè gba dọ́là márùn-ún náà. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1914, ẹni tí ó ní iṣẹ́ kò sì fẹ́ fi í ṣeré. Nítorí náà a kò lè sọ pé owó nìkan ni. Ìlọ́po méjì owó ni, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá, nínú iṣẹ́ tí ó ti sú àgbà àti ọmọdé bákan náà. Ibi tí ó yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn.

Báwo ni ẹgbẹ́ yóò ṣe mọ̀ bóyá ìpinnu wọn ṣiṣẹ́? Wọn kò gbọdọ̀ dúró de 73 náà kí ó sọ̀, nítorí ẹgbẹ́ kékeré ni. Nínú òṣìṣẹ́ 11, ẹnìkan ṣoṣo tí ó bá lọ jẹ́ mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàwó ilé kan tí ọkọ rẹ̀ bá gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí Ìlọrin yóò gbé e sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí kò dára. Níbi tí ènìyàn kò bá pọ̀, ẹ ka orúkọ, ẹ fi ìdá ọgọ́rùn-ún sílẹ̀. Ohun tí wọn yóò kà ni èyí: nínú àwọn tí ó wọlé, mélòó ni ó lo oṣù mẹ́ta? Lọ́dún tó kọjá, méjì nínú méje ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́ta lọ́dún tí ń bọ̀, kí wọ́n yọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tíì lu ìlù. Ènìyàn mẹ́ta lè dúró nítorí pé ènìyàn dídúró ni wọ́n. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì, nígbà náà ni akápò lè dìde ní ìpàdé kí ó sì sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà.

Kí wọ́n sì máa wo ọ̀nà kan pẹ̀lú: ọjà tí ó dín. Bí a bá ti yọ ẹni tuntun kúrò nínú gbèsè tí ó ti wà kí ó tó dé, owó tí ó kù yóò wúwo sí i lórí àwọn àgbà. Bí ọjà kò bá yéé dín, àwọn mẹ́sàn-án tí ó dúró ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà, àwọn wọ̀nyẹn sì ni ẹgbẹ́ kò lè fi ₦72,500 dípò ẹnìkan nínú wọn.

Fún akọ̀wé tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yìí, ìwé kan tí a fi rúlà pín sí ọ̀wọ́ mẹ́fà tó: orúkọ, ẹ̀ka iṣẹ́, ọjọ́ tí ó wọlé, ọjọ́ tí ó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ẹni tí ó pinnu pé kí ó lọ, bóyá òun ni tàbí ẹgbẹ́ tàbí kì í ṣe ẹnikẹ́ni, àti ohun tí ó sọ nígbà tí a lọ bá a lẹ́yìn oṣù méjì. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọdún tó kọjá bí ìwé owó oṣù bá ṣì wà, kí ó sì kọ orúkọ àwọn tí kò pé oṣù kan pẹ̀lú.